Ìṣẹ́jú 5 Lórí Èrè Ìpín

Ètò rédíò oníṣẹ́jú 5 tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjà ìpín ìdókòwò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò gba ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Bí wọ́n bá yọ orin ìbẹ̀rẹ̀, ìkíni àti ìdágbére kúrò, bóyá ni yóò ku ìṣẹ́jú 4. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò sì lè ṣí ewé padà; ohun tó bá ti fò ó, ó ti lọ nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà bá jẹ́ èrè ìpín, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni yóò ti sọ ohun tó jẹ́: owó tí ilé iṣẹ́ yọ nínú èrè rẹ̀ láti pín fún àwọn tó ní ìpín níbẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, atọ́kùn ní láti fi hàn pé kì í ṣe èlé báńkì. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí rẹ̀. Àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ ló ń dábàá iye tó máa jẹ́, àwọn onípìn-ín á sì fọwọ́ sí i níbi ìpàdé ọdọọdún. Ọdún tí ọjà kò bá tà, ó lè má sí rárá.

Àpẹẹrẹ ló yẹ kó gba àkókò jù. Ká ní ẹnì kan ní ìpín 1,000, ilé iṣẹ́ sì kéde náírà 2 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan: náírà 2,000 nìyẹn. Ní Nàìjíríà, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó orí ìdá 10 nínú 100, ìyẹn náírà 200, kí 1,800 tó wọ àpò ìfowópamọ́ rẹ̀. Nínú ìwé tí atọ́kùn máa kà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi kọ iye owó, kí ahọ́n má baà kọsẹ̀. “Ẹgbẹ̀sán náírà” dùn létí àgbà, àmọ́ “ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin náírà” ló yé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Èyí tó bá yé tọmọdé tàgbà ló sàn.

Ibi tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni ọjọ́. Ilé iṣẹ́ máa ń dá ọjọ́ kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé onípìn-ín lọ́jọ́ náà nìkan ló máa gba owó. Ẹni tó bá sáré rà á lẹ́yìn náà ti pẹ́. Ẹni tó rà á ṣáájú nítorí owó yìí nìkan náà kò rí ọ̀fẹ́ jẹ: tí ìpín bá wà ní náírà 50 tẹ́lẹ̀, ó sábà máa ń sún mọ́ 48 lẹ́yìn ọjọ́ náà, torí pé owó tí wọ́n fẹ́ pín ti kúrò nínú ohun tí olùrà tuntun ń rà.

Kí ètò tó lọ sórí afẹ́fẹ́, kí wọ́n fi aago ka ìwé náà sókè. Bó bá gùn jù, ìkíni ni kí wọ́n gé, kì í ṣe àpẹẹrẹ.