Ẹ̀bùn fún Ọ̀rẹ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀

Bí ọ̀rẹ́ ẹni bá gba fírídọ̀ọ̀mù, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, aago ara ògiri àti férémù ló sábà máa ń kún ibẹ̀. Ohun tó ń jẹ owó télọ̀ tuntun ni nǹkan wẹ́wẹ́: òwú, abẹ́rẹ́, síìpù, sitéè ọrùn aṣọ. Oníbàárà gbé ankárá aláwọ̀ ọsàn wá, òwú ọsàn kò sí nílẹ̀. Ó di dandan kó wọkọ̀ lọ sọ́jà nítorí rílì kan ṣoṣo, owó ọkọ̀ á sì ju owó òwú lọ. Páálí òwú kan tí dúdú àti funfun pọ̀ nínú rẹ̀, tí àwọ̀ yòókù sì jẹ́ oríṣiríṣi, yóò gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Abẹ́rẹ́ ló gba ìṣọ́ra. Abẹ́rẹ́ máṣìnnì kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ máa ń pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ìdí rẹ̀. Ti máṣìnnì ńlá oníná rí róbótó. Bí ẹ bá ṣì í rà, kò ní wọlé dáadáa. Bí wọ́n bá sì fi ipá kì í bọ̀ ọ́, yóò máa fo ojú rírán, òwú á sì máa já. Ẹ gba èyí tó ti lò tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sọ́jà. Nọ́ńbà 14 bá ankárá mu, 11 wà fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 16 sì wà fún èyí tó nípọn bí aṣọ òkè.

Bí ẹ bá kóra jọ láti dáwó ra máṣìnnì ńlá, ẹ kọ́kọ́ bi í bí iná ṣe ń wá sí àdúgbò rẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ tó máa ń kùn láìdúró bí wọn kò tilẹ̀ ránṣọ máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì lè kú mọ́ ọn lábẹ́. Sẹ́fò kì í yí àfi tí wọ́n bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Mo fara mọ́ sẹ́fò, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ìpolówó ńkọ́? Ẹ rán aṣọ tiyín níbẹ̀, kí ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ má sọ pé “ọ̀rẹ́ mi ni.” Bí aṣọ bá ti jáde, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójúmọmọ, kí iṣẹ́ ọrùn àti apá hàn, kí ẹ gbé e sí Wásáàpù pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó aṣọ ẹbí àádọ́ta ènìyàn bá a lóṣù àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ ìnáwó bá pé tí ogún kò tíì jáde, ogún ènìyàn wọ̀nyẹn ni yóò máa ròyìn rẹ̀ kiri. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún, kí ẹ sì dá ọjọ́ ìgbaṣọ sí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìnáwó, kó lè ráyè tún èyí tó bá fún ẹnikẹ́ni ṣe.