Àròpọ̀ Tí Ojú Lásán Kò Lè Dá Lẹ́jọ́

Bí kọ̀ǹpútà bá ro gbogbo 1/(n ln n) pọ̀, láti orí n = 2 títí dé mílíọ̀nù kan, ohun tí yóò rí jẹ́ bíi 3.42. Bí ó bá ro 1/(n (ln n)²) pọ̀ bákan náà, yóò rí bíi 2.04. (Lọ́gáríìmù ni ln yìí.) Méjèèjì ń rákò débi pé ẹni tó ń wò wọ́n yóò ní wọ́n ti fẹ́ dúró. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ní ibi tí yóò dúró sí. Èkejì kò ní dúró láéláé.

Ẹ̀rí wà nínú ọgbọ́n kan tí Maclaurin, ará Skọ́tíláǹdì, kọ sílẹ̀ ní 1742, tí Cauchy ará Faransé sì tún gbé yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ya nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí àpótí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà náà. Ẹ wá fa ìlà f(x) kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ gba orí wọn. Nítorí pé ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá, ààyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti n dé n+1 kò lè ju f(n) lọ, kò sì lè kéré sí f(n+1). Nítorí náà, bí ààyè abẹ́ ìlà bá ní òpin, àròpọ̀ náà ní òpin. Bí kò bá ní, àròpọ̀ kò ní. Ṣùgbọ́n ìlà náà gbọ́dọ̀ wà lókè òdo, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀, àbí ọgbọ́n náà kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi wo 1/n^p. Bí p bá ju 1 lọ, ààyè láti orí 1 lọ títí láìlópin jẹ́ 1/(p−1), ó ní òpin. Bí p bá jẹ́ 1, ààyè náà títí dé N jẹ́ ln N, tó ń ga sí i láìdúró. Bí p bá kéré sí 1, ó tún yára jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ààyè pe àròpọ̀: tí p bá jẹ́ 2, ààyè jẹ́ 1, àròpọ̀ sì jẹ́ bíi 1.645.

Ibi tó dùn jù ni ti lọ́gáríìmù. Ẹ pe ln x ní u. Kíá, ∫ dx/(x (ln x)^q) di ∫ du/u^q, ìbéèrè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn! Tí q bá jẹ́ 2, ààyè láti orí 2 lọ jẹ́ 1/ln 2, ìyẹn bíi 1.44. Tí q bá jẹ́ 1, a rí ln(ln x), tó ń ga láìdúró, àmọ́ pẹ̀lẹ́ ni: kí àròpọ̀ wa àkọ́kọ́ tó kọjá 10, n gbọ́dọ̀ di nọ́ńbà tí dígíìtì rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣìnà níbí. Wọ́n á ní 1/(n ln n) kéré sí 1/n, torí náà ó gbọ́dọ̀ ní òpin. Irọ́ ni: kíkéré sí ohun tí kò lópin kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Orí p = 1 nìkan ni lọ́gáríìmù ti ń dájọ́. Bí p bá jẹ́ 1.01, kódà ẹ fi ln n sọ ọ́ di púpọ̀, àròpọ̀ náà ṣì ní òpin. Torí náà, p ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo q.