Bí Whyte Ṣe Wọ Àárín Àwọn Ará North End

Ní ọdún 1936, William Foote Whyte rí owó ìwádìí gbà ní Yunifásítì Harvard, ó sì fi ojú sí North End, àdúgbò mẹ̀kúnnù ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó ṣí wá láti Ítálì àti àwọn ọmọ wọn ń gbé. Ó fẹ́ mọ bí ayé wọn ṣe ń lọ. Ọmọ olùkọ́ yunifásítì ni Whyte, kò sì gbọ́ èdè Ítálì.

Ó kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, ó ń béèrè bí ibùgbé wọn ṣe rí. Wọ́n dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò tìtorí bẹ́ẹ̀ mọ ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan wá gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ síbi tí wọ́n ti ń mu ọtí, kó ra ọtí fún obìnrin kan, kó sì máa bá a tàkúrọ̀sọ. Whyte wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó rí obìnrin méjì àti ọkùnrin kan tí wọ́n jókòó, ó bi wọ́n bóyá òun lè dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọkùnrin náà fẹ́ jù ú sísàlẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Whyte bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1937, òṣìṣẹ́ kan nílé tí wọ́n ti ń ran àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́ mú un lọ bá ọkùnrin tí ìwé rẹ̀ pè ní Doc. Doc ni olórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń dúró ní ìkòríta. Ó ní òun á mú Whyte dé ibi tó bá fẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, ọ̀rẹ́ òun ni. Whyte gba yàrá lọ́dọ̀ ìdílé kan tó ní ilé oúnjẹ, ó ń kọ́ èdè wọn. Àwọn ènìyàn gbọ́ pé ìwé ló ń kọ nípa àdúgbò wọn, wọn ò sì tú u wò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìwà rẹ̀, àti ẹni tó dúró fún un. Lẹ́tà láti Harvard kò lè ṣe é.

Síbẹ̀, ó ṣì kù díẹ̀ káàtó. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, Whyte bi ọkùnrin kan tó mọ òwò náà dáadáa bóyá wọ́n ń fún ọlọ́pàá lówó ẹ̀yìn. Ojú ọkùnrin náà yí padà, ó sẹ́, ọ̀rọ̀ sì dákẹ́. Doc wá sọ fún un pé kó dín ìbéèrè kù: bí wọ́n bá ti gbà á mọ́ra, kó ṣáà máa jókòó tì wọ́n, ìdáhùn á wá fúnra rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí kò mọ àdúgbò kò lè mọ ìbéèrè tó yẹ kó béèrè, nítorí náà jíjókòó tì wọ́n gan-an ni iṣẹ́ náà.

Bí wọ́n bá ń ṣeré lọ́wọ́, kò lè yọ bírò síta. Àfi kó máa há a sórí, kó padà sí yàrá, kó sì kọ ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan yàn án ní akọ̀wé, ó rí àyè kọ nǹkan ní gbangba. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ṣé kó tò wọ́n ní ti kókó ọ̀rọ̀ ni, bíi ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé, òṣèlú, àbí ní ti ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn wà? Kò tíì mọ kókó tó máa ṣe pàtàkì, nítorí náà ó tò ó ní ti ẹgbẹ́. Ó tún ṣe atọ́ka tó ní ọjọ́, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, àti àkópọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó lè tètè rí ohun tó bá ń wá.

Ètò yìí wúlò nígbà tó dọ́rọ̀ eré bọ́ọ̀lù yíyí, èyí tí wọ́n fi ń wó igi tí wọ́n nà ró. Alálẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe é, Whyte náà sì ń bá wọn ṣe é. Eré ìgbafẹ́ lásán ló kà á sí, títí dìgbà ìdíje tó kẹ́yìn sáà náà, ní ìparí oṣù kẹrin 1938, tí kálukú ṣe tirẹ̀. Nígbà tó wo ipò tí wọ́n gbà, ó yà á lẹ́nu: Doc àti àwọn tó súnmọ́ ọn jùlọ ló wà lókè, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀. Alec, ọmọ ẹ̀yìn kan tó ti gba máàkì ńlá rí, fọ́nnu pé òun lòun máa borí, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ jẹ́ kó yé Whyte pé bí ẹni kékeré bá fẹ́ ta yọ, wọ́n á máa fi ariwo àti yẹ̀yẹ́ dà á láàmú títí ọwọ́ rẹ̀ á fi yẹ̀. Bí olórí bá ń ṣe é, ìwúrí ni wọ́n ń fún un. Ká ní Whyte fi ìwé ìbéèrè lọ bá wọn ni, kò sẹ́ni tí ì bá sọ èyí fún un, torí àwọn fúnra wọn kò kíyè sí i.

Ibi tí ìbágbé yìí ti lè kọjá ààlà náà hàn. Lọ́jọ́ kan, Whyte bú èébú rẹpẹtẹ kó lè jọ wọ́n, wọ́n dá rìn dúró, wọ́n sì sọ fún un pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ó yàtọ̀ sáwọn, ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn nìyẹn. Nínú ìdìbò kan, ó dìbò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún olùdíje tó ń ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló rí i pé kò sẹ́ni tó fipá mú òun. Doc alára sì yí padà: ó sọ fún un pé tẹ́lẹ̀, òun kì í ronú kí òun tó ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n báyìí, òun máa ń ro bí òun á ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un kí òun tó gbé ìgbésẹ̀. Ìwé náà, Street Corner Society, jáde ní 1943.