Wọ́n Yege Lórí Ọmọláńgidi, Ọmọ Tòótọ́ Ńkọ́?

Ẹ wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń pín nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan bá fẹ́ parí. Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀? Ṣé olùkọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀? Báwo ni gbọ̀ngàn ṣe rí? Èmi náà ti kọ ọ̀rọ̀ sínú irú fọ́ọ̀mù yìí láìmọye ìgbà, ó sì sábà máa ń bọ́ sí àkókò tí òórùn ìrẹsì ti ń wọlé láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ta ló fẹ́ jókòó ro ìdáhùn jinlẹ̀ nígbà yẹn? "Ó dára gan-an" la máa ń kọ. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ á kó gbogbo "ó dára gan-an" jọ, wọ́n á sì fi ròyìn fún ẹni tó fún wọn lówó pé iṣẹ́ ti yọrí.

Ní 1959, Donald Kirkpatrick tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpilẹ̀kọ mẹ́rin kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó sọ kò ṣòro. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́, ìbéèrè mẹ́rin ló wà. Àkọ́kọ́, báwo ló ṣe rí lára àwọn tó wá? Èkejì, kí ni wọ́n kọ́? Ẹ̀kẹta, nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣé wọ́n ń ṣe é? Ẹ̀kẹrin, nítorí pé wọ́n ń ṣe é, kí ló yí padà? Ìpele mẹ́rin nìyẹn, orúkọ Kirkpatrick ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Ohun tó ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà ni pé wọ́n rò pé ìpele kan ló ń bí èkejì: inú wọn dùn, torí náà wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ti kọ́ ọ, torí náà wọ́n á máa ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí mo ti rí i kedere jù ni ilé ìwòsàn kan tó ń jẹ́ Haydom, ní ìgbèríko àríwá Tansaníà, ẹ̀mí ọmọ tuntun ló sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló máa ń mí fúnra wọn. Àwọn mìíràn á wáyé tán, wọn ò ní ké, wọn ò ní mí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà ṣe ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún irú àsìkò yìí, tí a lè pè ní "Ẹ Ran Ọmọ Lọ́wọ́ Kó Mí" lédè wa. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo lẹ́yìn ìbí, tí wọ́n ń pè ní Ìṣẹ́jú Wúrà. Agbẹ̀bí á nu ọmọ gbẹ, á fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè jí, á fa ohun tó dí i lẹ́nu àti nímú bó bá wà. Bí ọmọ ò bá tíì mí síbẹ̀, kó tó di pé ìṣẹ́jú kan pé, agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ ti fi ìbòmú kékeré bo imú àti ẹnu rẹ̀, kó sì máa tẹ báàgì tó so mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọmọláńgidi ni wọ́n fi ń kọ́ èyí. Wọ́n máa ń rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀ kó lè wúwo bí ọmọ tòótọ́. Olùkọ́ ní rọ́bà kéékèèké lọ́wọ́ tó ń tẹ̀ láti jẹ́ kó mí, kó ké, tàbí kí ìwọ́ rẹ̀ máa lù bí ìgbà tí ọkàn ń ṣiṣẹ́. Bí ìbòmú ò bá jókòó dáadáa, àyà ọmọláńgidi náà ò ní gbéra. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ tàn án.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Haydom ní ètò yìí. Ìpele kejì ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, wọ́n sì wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ: ìdánwò kan náà, lórí ọmọláńgidi kan náà, ṣáájú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò ṣe ti ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí ahọ́n. Oṣù méje ni wọ́n dúró. Ṣáájú, nínú òṣìṣẹ́ 39, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tí kò mí là tó láti yege jẹ́ 18 nínú 100. Lẹ́yìn oṣù méje, nínú òṣìṣẹ́ 27, ó ti di 74 nínú 100. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ṣe ìdánwò lẹ́yìn ò pọ̀ tó àwọn ti ìṣáájú, ohun tó yẹ ká máa béèrè nìyẹn nígbàkígbà: àwọn wo ni ò sí níbẹ̀ mọ́? Síbẹ̀, láti 18 sí 74 kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Ká ní ẹlòmíràn ni, ibí ló máa dúró sí, á pe àwọn oníròyìn.

Àwọn olùwádìí Haydom ò dúró síbẹ̀. Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà tó wáyé ni wọ́n ti fi àwọn olùṣàkíyèsí sí yàrá ìgbẹ̀bí, tí wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí, tí wọ́n ń kọ ohun tí agbẹ̀bí ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìpele kẹta gan-an nìyẹn. Wọn ò bi agbẹ̀bí léèrè pé "Ṣé ẹ ń lo ohun tí ẹ kọ́?", torí gbogbo wa la mọ ìdáhùn tí wọ́n máa gbà. Wọ́n lọ wò ó ni.

Kí ni wọ́n rí? Iye ọmọ tí wọ́n fa nǹkan kúrò nímú wọn, tàbí tí wọ́n fi báàgì fún ní afẹ́fẹ́, kò yí padà. Iye àwọn tí wọ́n ra lẹ́yìn kí wọ́n lè jí tiẹ̀ dín kù ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa lórí ọmọláńgidi lẹ́yìn oṣù méje, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tòótọ́ ò tíì yí padà sí rere.

Ibí yìí ni mo ti dá ìwé náà dúró tí mo sì ronú. Wọn ò gbàgbé o. Ìdánwò ti fi hàn pé ó ṣì wà lórí wọn. Èrò tèmi ni pé ọmọláńgidi máa ń dúró deni, ọmọ tòótọ́ kì í dúró. Nínú ìdánwò, ẹni náà ti mọ̀ pé ọmọ yìí ò ní mí. Ní yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára ìyá, obìnrin mìíràn sì lè máa ké ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ohun mìíràn tún wà: ní Haydom, bí ọmọ kan nínú 14 ló nílò báàgì yẹn. Agbẹ̀bí tó bá gba ogún ọmọ lóṣù lè má lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ohun téèyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọwọ́ ò ní yá nídìí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, wọ́n yí ọ̀nà padà. Wọ́n gbé ọmọláńgidi wá sí yàrá ìgbẹ̀bí fúnra rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ṣe ìdánrawò níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí ìrẹsì. Wọ́n wá fi ọdún tó tẹ̀ lé e wé ọdún tó ṣáájú. Ìbí 4,894 ló wà nínú ti ìṣáájú, 4,814 nínú ti ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ra lẹ́yìn pọ̀ sí i láti 14.5 sí 16.3 nínú 100, àwọn tí wọ́n fa nǹkan kúrò nímú wọn láti 13 sí 15.8.

Àwọn tí wọ́n fi báàgì fún ní afẹ́fẹ́ dín kù ní tiwọn, láti 7.3 sí 5.9. Ẹ má yára sọ pé èyí burú. Bí wọ́n bá tètè nu ọmọ gbẹ, tí wọ́n sì tètè ra ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn kan á mí kí ọ̀rọ̀ tó kan báàgì. Ní ìpele kẹta, kó tó di pé ẹ ka nǹkan, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ apá ibi tó yẹ kó lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè ka àṣeyọrí sí ìkùnà.

Ó wá ku ìpele kẹrin. Ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 lọ sílẹ̀ láti 11.1 sí 7.2 nínú 1,000. Bí a bá ṣírò rẹ̀, láti nǹkan bí ọmọ 54 ló bọ́ sí bíi 35. Nǹkan bí ogún ọmọ nìyẹn lọ́dún kan, ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀, torí ìpele yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ká ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń bí 600 ọmọ lọ́dún ni, irú àtúnṣe kan náà á mú ikú láti bíi ọmọ méje wá sí mẹ́rin. Ìyàtọ̀ ọmọ mẹ́ta lè ṣẹlẹ̀ lásán láti ọdún kan sí èkejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ nǹkan kan. Haydom pàápàá, pẹ̀lú ìbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 lọ́dún, ìwọ̀nba díẹ̀ ni èsì wọn fi kọjá ibi tí onímọ̀ ìṣirò ti lè sọ pé kì í ṣe oríire lásán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọdún kan ni wọ́n fi wé òmíràn. Kò sí ilé ìwòsàn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a lè wò bóyá ikú ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀ náà láìsí ìdánrawò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ yìí níbikíbi, ọmọ tí kò mí rárá nígbà tí wọ́n bí i, àwọn kan lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kú kó tó wáyé. Bí agbẹ̀bí bá ti mọ̀ ọ́n gbà là, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí ààyè, bó bá sì kú lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, inú ikú ọmọ tuntun ló máa bọ́ sí. Iṣẹ́ rere lè mú kí nọ́ńbà burú sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ka oríṣi ikú méjèèjì pọ̀.

Kò sí èyí tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ti parí nínú gbogbo èyí. Ká ní àwọn olùṣàkíyèsí Haydom ò tíì wà ní yàrá ìgbẹ̀bí kó tó di oṣù kẹrin 2010 ni, kò ní sí ohun tí wọ́n máa fi wé ohunkóhun, 74 nínú 100 yẹn nìkan ni à bá sì máa kà títí dòní.