Láti Ìsọ̀ Sí Sítọ̀ Ilé-Iṣẹ́: Bí Iṣẹ́ Àtijọ́ Ṣe Lè Gbè Yín Nínú Sífíì

Ẹni tó ti tajà pẹ́ ní ọjà Sabon Gari, tó wá fẹ́ gba iṣẹ́ oṣù ní Bompai, Sharada tàbí Challawa, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà lókè sífíì rẹ̀ ló sábà máa ń kó bá a. Ibẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ ń wò.

Ká ní ìyá kan ti ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ní páálí-páálí fún ọdún 9, tó sì ń wá iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ nìyí: “Oníṣòwò ni mí. Ọjà ò lọ déédéé mọ́, ni mo ṣe ń wáṣẹ́. Mi ò ṣiṣẹ́ sítọ̀ rí, ṣùgbọ́n mo lè kọ́ ọ.” Gbólóhùn kejì sọ pé ìṣòro ló lé e wá. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ jóòótọ́, torí sítọ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìkéde iṣẹ́ náà, kí ẹ fa ohun tí wọ́n fẹ́ kéèyàn máa ṣe yọ. Ti olùtọ́jú sítọ̀ ni pé kó gba ọjà, kó kà á mọ́ ìwé tí awakọ̀ gbé wá, kó kọ ohun tó wọlé àtohun tó jáde, kó sì rí i pé èyí tó máa tètè bàjẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìkọ̀ọ̀kan wọn rí nínú iṣẹ́ àtijọ́, pẹ̀lú iye rẹ̀. Ìyá wa á wá kọ ọ́ báyìí:

“Iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ̀ ni mò ń wá. Fún ọdún 9 ni mo fi ń gba nǹkan bíi páálí 200 lọ́sẹ̀ nínú ìsọ̀ mi, tí mò ń kà á mọ́ ìwé awakọ̀, tí mo sì ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀. Oṣooṣù ni mò ń ka gbogbo ọjà. Èyí tó máa tètè bàjẹ́ ni mo ń kọ́kọ́ tà. Mo gbọ́ Haúsá dáadáa, mo sì lè bá awakọ̀ àti alááru sọ ọ́.”

Kò parọ́, kò sì tọrọ àforíjì. Kódà bó jẹ́ èdè Òyìnbó lẹ máa fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ má fi kún iye o. Wọ́n lè bi yín pé: “Ìwé ní 200, ẹ ka 196, kí lẹ máa ṣe?” Ẹni tó ti ṣe é rí á ní òun á tún un kà lójú awakọ̀, òun á kọ iye tó dín sára ìwé kóun tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bùmọ́ ọn á máa kólòlò.

Àmọ́ ìlà mẹ́rin ò lè rọ́pò ìwé-àṣẹ níbi tí òfin ti béèrè rẹ̀, bíi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan kà, láìsọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wá fún un, kí ẹ yọ gbólóhùn àkọ́kọ́ kúrò. Bó bá ní “iṣẹ́ ọjà títà” ni, ẹ tún un kọ. Bó bá ní “iṣẹ́ sítọ̀,” ó ti ṣe tán nìyẹn.