Géèmù tí kì í tán sọ baálé ilé di ọmọ ọ̀dọ̀ fóònù, èyí tó níbẹ̀rẹ̀ tó sì lópin ló pàpà gbà á sílẹ̀

Aago mẹ́rin ìdájí lọ̀rọ̀ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì n'Íkẹjà. Kì í ṣe àdúrà ló ń dìde gbà, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ tètè jáde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Fóònù ló ń gbé. Aago mẹ́rin yẹn ni géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Genshin Impact máa ń gbé iṣẹ́ òòjọ́ tuntun jáde fáwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ka ti Yúróòpù, ibẹ̀ ni òun náà sì wà. Aago tí ẹ̀ka ọ̀hún ń tẹ̀ lé kò yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà.

Ìyàwó ẹ̀ kọ́kọ́ rò pé obìnrin kan ló ń bá sọ̀rọ̀ lóru. "Lọ́jọ́ tí mo yọjú wo fóònù yẹn, tí mo rí i pé àwòrán ọmọ kan tó ń fi idà ṣán igbó ló ń wò, ẹ̀rín ni mo bú sí. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi." Bí obìnrin náà ṣe wí nìyẹn. Tọkọtaya yìí ò fẹ́ kí orúkọ àwọn jáde, nítorí níbi iṣẹ́, ọ̀gá làwọn kan ń pe bàbá tó ń sáré dáhùn ìpè géèmù láàárọ̀ yìí.

Ẹni tí kò bá mọ irú géèmù bẹ́ẹ̀ lè máa wò ó pé kí ló wà níbẹ̀ téèyàn ò lè fi sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni. Ó dùn ún wò, ìtàn rẹ̀ náà sì wọni lára: ẹnì kan ló ń wá ìbejì rẹ̀ tó sọnù kiri ayé. Àmọ́ láti oṣù kẹsàn-án, ọdún 2020, tó ti jáde, títí wọ inú ọdún 2025, ńṣe ni wọ́n ṣì ń fi ilẹ̀ tuntun kún ilẹ̀ tí arìnrìn-àjò náà gbọ́dọ̀ rìn. Àwọn tó ṣe é ò sì lè jẹ́ kí ìtàn náà tètè tán, torí ara àwọn jagunjagun tuntun tí wọ́n ń mú jáde lóòrèkóòrè ni wọ́n ti ń rówó.

Ìṣirò niṣẹ́ ọkùnrin yìí, lọ́jọ́ kan ló bá mú bírò àti ìwé. Iṣẹ́ òòjọ́ mẹ́rin ló ń ṣe lójúmọ́, Primogem 60 ló sì ń gbà níbẹ̀. Kéèyàn tó lè ta tẹ́tẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kí jagunjagun tó wù ú lè bọ́ sí i lọ́wọ́, 160 ni. Géèmù ọ̀hún ṣèlérí pé bó pẹ́ bó yá, tí ènìyàn bá fi máa ta á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́sàn-án, ìyẹn ìgbà 90, onírawọ̀ márùn-ún kan á yọ. 90 lọ́nà 160 jẹ́ 14,400. Ó pín in sí 60, ó rí ọjọ́ 240. Oṣù mẹ́jọ gbáko rèé tó bá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ nìkan lèèyàn gbójú lé! Tí onírawọ̀ márùn-ún tó yọ ọ̀hún kì í bá sì í ṣe ẹni tó ń wá, á tún bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n tún máa ń fúnni ní Primogem nínú ìtàn àti nínú ayẹyẹ, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń rí onírawọ̀ márùn-ún kó tó di ìgbà 90. Àmọ́ ayẹyẹ ní ọjọ́ tó máa ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹni tí kò bá wọlé lásìkò, ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Èyí tó wá burú jù lójú tiẹ̀ ni Resin, ìyẹn agbára téèyàn ń ná kó tó lè gba èrè lẹ́yìn ìjà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ẹyọ kan ń wọlé. Ẹyọ 160 ni wọ́n fi mọ sí tẹ́lẹ̀, wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 20 ló sì fi ń kún. Ẹ tún un wò: kò tó ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ń wọlé ní aago kan náà lójoojúmọ́, díẹ̀ nínú ẹ̀ ti ń ṣòfò nìyẹn, ọkàn rẹ̀ ò sì ní í balẹ̀. Oṣù kẹfà, ọdún 2024 ni wọ́n sún un sí 200, tó fi wá di wákàtí 26 àti ìṣẹ́jú 40 kó tó kún. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n fi kún okùn ni, wọn ò tú ẹran sílẹ̀.

Ìgbà méjì lọkùnrin náà yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, ìgbà méjì ló sì padà síbẹ̀. Àṣìṣe tó ṣe ni pé kò bi ara rẹ̀ léèrè nǹkan tí òun ń rí níbẹ̀ tó dùn mọ́ òun. Lákọ̀ọ́kọ́, géèmù tó fi rọ́pò rẹ̀ lórí PS4 tó rà torí bọ́ọ̀lù ni Assassin's Creed Valhalla, tó jáde lọ́dún 2020. Òtítọ́ ni pé ìtàn ìyẹn lópin, àmọ́ nǹkan bí 60 wákàtí lópin ọ̀hún wà, àmì nǹkan tí wọ́n ní kó lọ mú sì kún ojú máàpù fọ́fọ́. Kò pẹ́ tó tún bá ara rẹ̀ nídìí irin àti awọ tó ń ṣà jọ kí ìhámọ́ra rẹ̀ lè lágbára sí i. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n gbé òun kúrò ní ẹ̀ka Ìkẹjà lọ sí ẹ̀ka Àpápá, iṣẹ́ kan náà ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló là á lóye. "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ràn jù nínú Genshin yẹn gan-an? Ṣé ìjà ni àbí tẹ́tẹ́?" Bàbá ronú sí i, ó ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀. Kí òun ṣáà gun òkè kan, kí òun wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lòun fẹ́ràn. Ọmọ yẹn ní kó lọ ra Outer Wilds.

Ọdún 2019 ni ilé iṣẹ́ Mobius Digital, l'Ámẹ́ríkà, gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń sanwó rẹ̀. Tó bá ti wọlé sórí ẹ̀rọ tán, kò nílò dátà mọ́. Kò sí lórí fóònù ṣá o. PlayStation, Xbox, Switch àti kọ̀ǹpútà ló wà fún. Inú abúlé kékeré kan léèyàn ti máa jí. Á lọ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ òfuurufú gbéra lọ́wọ́ àgbà kan tó ń jẹ́ Hornfels, ó di gbére. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo ayé tó wà nínú géèmù náà ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí agbára tí wọ́n ń fi kún un, kò sí idà tuntun, kò sí ẹ̀bùn kankan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 22, oòrùn á bú gbàmù, gbogbo nǹkan á pa rẹ́, èèyàn á tún jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ti jí lánàá. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní í sọnù ni ohun tó ti mọ̀, inú ọkọ̀ náà ló sì ń kọ ọ́ sí.

Ibi tí ọgbọ́n géèmù yìí ti hàn ni ayé méjì tó ń yí ara wọn po, Ash Twin àti Ember Twin. Iyanrìn bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ihò sì kún inú ti ìkejì. Bí ìṣẹ́jú ṣe ń gorí ìṣẹ́jú, iyanrìn á máa tú kúrò ní Ash Twin bọ́ sórí Ember Twin. Ọ̀sẹ̀ kan lọkùnrin wa fi ń kú sínú ihò níbẹ̀, iyanrìn á ká a mọ́, á tẹ̀ ẹ́ pa. Ó rò pé ó yẹ kóun lọ wá agbára kún agbára. Kò sí agbára kankan níbẹ̀! Lálẹ́ ọjọ́ kan ló yé e pé ọ̀rọ̀ àsìkò ni: ẹni tó bá fẹ́ wọ ihò Ember Twin gbọ́dọ̀ tètè dé, ẹni tó bá sì fẹ́ wo àwọn ilé tó wà lábẹ́ iyanrìn Ash Twin, kó ní sùúrù kí iyanrìn lọ tán. Nǹkan tó lè ṣe lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, kò kàn mọ̀ ni. Ó ní òun pariwo débi pé àwọn ọmọ jí.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ dùn látìbẹ̀rẹ̀ o. Alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ńṣe ló ń béèrè pé, "Kí ni mo wá jèrè báyìí?" Ọmọ ibi iṣẹ́ yẹn ní àmódi tó bá wá láti Genshin nìyẹn, kó fara dà á. Ọkọ̀ náà ṣòroó wà. Ẹ̀rọ tó ń darí ara rẹ̀ nínú ẹ̀ kì í yà fún oòrùn, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti gbé e lọ jóná síbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tún wá dojú rú, ó kù díẹ̀ kó lọ wo fídíò àwọn tó ti parí rẹ̀. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ gbé, torí ohun téèyàn bá ti mọ̀ kò ṣeé gbàgbé, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú géèmù yẹn láti ṣe. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni ìwé inú ọkọ̀: níbi tí iṣẹ́ bá kù sí, "There's more to explore here" ló máa ń kọ síbẹ̀. Tí ibì kan bá dí, ó gba ibòmíì lọ.

Ìrìn àjò ìṣẹ́jú 22 méjì ló ń ṣe lálẹ́, ó di kó pa á. Kò sẹ́ni tó ń pè é láago mẹ́rin. Bí 20 wákàtí ló gbà á, ó ju oṣù kan lọ torí kì í ṣojoojúmọ́, ó sì dé òpin. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá máa ṣe é lọ rí òpin náà fúnra rẹ̀.

Àwọn tí kò ní ju fóònù lọ ńkọ́? Florence wà fún wọn. Ọdún 2018 ló jáde, owó rẹ̀ ò pọ̀, kò sì ju wákàtí kan lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Tí ọmọbìnrin inú ẹ̀ bá fẹ́ bá ọkùnrin tó pàdé sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ta géèmù ló máa to àwọn ègé rẹ́kẹrẹ̀kẹ pọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Bí wọ́n ṣe ń mọwọ́ ara wọn, ègé náà ń dín kù, ọ̀rọ̀ ń rọrùn. Nígbà tí ìjà dé, ègé yẹn di ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó sì pupa. Ìyàwó bánkà wa ṣe é tán níjokòó kan, ó nu ojú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó pa á lẹ́kún.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó má wo àkọlé "In-app purchases" nìkan lórí Google Play, nítorí Monument Valley ti ọdún 2014 náà ń ta orí tuntun lọ́tọ̀, ó sì lópin dáadáa. Ohun tí wọ́n ń tà ni kó wò. Tó bá jẹ́ orí ìtàn, kò burú. Tó bá jẹ́ òkúta iyebíye àti owó inú géèmù, kó yáa sá. Lẹ́yìn náà, kó pa dátà, kó ṣí i. Èyí tó bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹlòmíràn ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Genshin ti kúrò lórí fóònù ọkùnrin yìí báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ àti àwọn jagunjagun tó kó jọ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn tó bá fẹ́ padà. Outer Wilds náà ní àfikún kan, Echoes of the Eye, tó jáde lọ́dún 2021. Ó ní òun máa rà á, àmọ́ kì í ṣe nísinsìnyí. Nígbà tí aago mẹ́rin lù lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ìyàwó ẹ̀ ló jí. Ó yí padà wò ó, ó rí i pé ó ń hanrun.