Nọ́ńbà Tí Kò Hàn Nínú Fótò Iṣẹ́ Àṣetiléwá: Kí Ni Ká Ṣe?

Ẹ̀yin òbí wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgándò àti gbogbo agbègbè Alimọ́ṣọ́, ó ṣeé ṣe kí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín. Ibà kò jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé ìwé, tàbí ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sí kíláàsì. Ẹ bẹ òbí kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà, ó ya iṣẹ́ àṣetiléwá náà ní fótò, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Láti Oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn Kòrónà, ni ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ tíṣà àti òbí lára láti máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ báyìí. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáà, ẹ ṣí fótò náà, ẹ sì rí i pé ọwọ́ ti ra yíǹkì bírò náà. Nọ́ńbà kan dà bíi 3, ó sì tún dà bíi 8.

Bí ẹ bá kàn mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ọmọ lè ṣe ìṣirò náà dáadáa kí tíṣà sì fa igi lé e. Ọmọ á wá rò pé òun kò mọ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Ohun tó yẹ kí a ṣe nìyí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́

Ọwọ́ ìkọ̀wé ò jọra. Ẹnìkan máa ń fa ìlà sí àárín 7, ẹlòmíràn kì í fà á. Ẹnìkan máa ń fi ìwọ̀ sí orí 1, tí á fi dà bíi 7. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú lórí nọ́ńbà tí kò hàn, ẹ wá irú rẹ̀ tó hàn nínú ìwé kan náà.

Ibi tó rọrùn jù láti wò ni etí òsì ìwé, níbi tí tíṣà ti to nọ́ńbà ìbéèrè láti 1 dé 10. Gbogbo nọ́ńbà tí ẹ nílò, láti 0 dé 9, ló wà níbẹ̀ ní ọwọ́ tíṣà fúnra rẹ̀. Ẹ fẹ fótò náà gbòòrò, kí ẹ wo 3 rẹ̀ àti 8 rẹ̀. Bí 8 rẹ̀ bá pa ojú dé ní apá òsì, tí 3 rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ padà síbi tó rá, kí ẹ wo apá òsì rẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà tó máa ń dàrú jù ni 3 àti 8, 1 àti 7, 4 àti 9, 5 àti 6, àti 0 àti 6.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò náà jẹ́rìí

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ìbéèrè 4 sọ pé: fìlà kan jẹ́ ₦1,?50, gbogbo owó tí a san jẹ́ ₦5,400, fìlà mélòó ni a rà? Ibi tí àmì ìbéèrè wà ló rá, ó lè jẹ́ 3, ó lè jẹ́ 8.

Ẹ dán méjèèjì wò. Bí fìlà kan bá jẹ́ ₦1,350, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦5,400 gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ ₦1,850, méjì jẹ́ ₦3,700, mẹ́ta sì jẹ́ ₦5,550, ìyẹn ti kọjá ₦5,400. Ẹnìkan ò lè ra ààbọ̀ fìlà. Nítorí náà, 3 ni nọ́ńbà náà. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rí yìí lágbára ni pé ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi nọ́ńbà. Bó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀n ní ọ̀pá ni, tí a lè gé ní ààbọ̀, ẹ̀rí náà kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àpapọ̀ owó náà tún rá, tí ẹ kò mọ̀ bóyá ₦5,400 ni tàbí ₦7,400. Ní báyìí, ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Ẹ ti rí i pé ₦1,850 kò bá ₦5,400 mu. ₦1,350 pẹ̀lú kò bá ₦7,400 mu, nítorí fìlà márùn-ún jẹ́ ₦6,750, ₦650 á sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ₦1,350 bá ₦5,400 mu, ₦1,850 sì bá ₦7,400 mu, bẹ́ẹ̀ fìlà mẹ́rin ni ìdáhùn méjèèjì. Ìṣirò kò lè sọ èyí tí tíṣà kọ fún yín, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò yí padà. Ọmọ lè kọ 4, kí ó sì kọ èyí tó lò síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Níbi tí ẹ̀rí bá ti tán

Ìbéèrè 6 ní tirẹ̀ jẹ́ ìròpọ̀: 4?6 àti 278. Àárín nọ́ńbà àkọ́kọ́ lè jẹ́ 1, ó sì lè jẹ́ 7. Bó bá jẹ́ 416, ìdáhùn jẹ́ 694. Bó bá jẹ́ 476, ìdáhùn jẹ́ 754. Méjèèjì ló ṣeé ṣe, kò sì sí ohunkóhun nínú ìbéèrè náà tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà náà kò bá sì tú àṣírí rẹ̀, ẹ má ṣe mú ọ̀kan nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Bí ẹ bá fẹ́ bèèrè, ẹ má kàn sọ pé fótò náà kò hàn, torí wọ́n lè tún fi èyí kan náà ránṣẹ́. Ẹ bèèrè báyìí: "Ẹ káalẹ́ o, ìyá Ramọ́ta. Nínú ìbéèrè 6, ṣé 416 ni tíṣà kọ ni, àbí 476?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dáhùn, ẹni náà kàn máa ṣí ìwé wò. Ẹ sì rí i pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ìwé lọ́wọ́ ni ẹ bi. Bí òbí mẹ́ta bá wo fótò kan náà tí wọ́n sì ní 7 ni, ẹ̀rí kan ṣoṣo ṣì ni, nítorí ibi kan náà ni gbogbo wọ́n ti rí i.

Bí kò bá sí ìdáhùn títí ọmọ fi fẹ́ sùn, kí ó ṣe méjèèjì. Kí ó kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ pé: "Nọ́ńbà yìí kò hàn nínú fótò. Bó bá jẹ́ 416, 694. Bó bá jẹ́ 476, 754." Tíṣà á rí i pé ọmọ náà mọ ìròpọ̀, á sì mọ ibi tí ìṣòro wà.

Bí ẹ̀yin lẹ ó bá fi fótò ránṣẹ́

Wásáàpù máa ń dín fótò kù kó tó fi í ránṣẹ́, ibi tí nọ́ńbà kéékèèké sì ti máa ń dàrú nìyẹn. Ẹ tẹ `HD` kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi `Document`, tí kì í dín in kù. Ẹ tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, ẹ gbé fóònù sí ọ̀kánkán rẹ̀, kí òjìji ọwọ́ yín má bọ́ lé e. Bí nọ́ńbà kan bá ti rá lórí ìwé fúnra rẹ̀, fótò tó mọ́ kò lè dá a padà. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sí abẹ́ fótò kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, nítorí ẹ̀yin ni ìwé wà lọ́wọ́ yín.